Géèmù 800×600 lórí mọ́nítọ̀ fífẹ̀: kí n nà án, kí n gba ọ̀já dúdú, àbí kí n gbé e fún káàdì gíráfíìkì?

Àkàndé Ẹlẹ́ṣin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mọ́nítọ̀ mi àtijọ́, èyí tí ìbú àti gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tuntun yìí jẹ́ ínǹṣì 24, 1920×1080. Gbogbo nǹkan ló dáa lórí rẹ̀ àfi géèmù tí mo fẹ́ràn jù, Heroes of Might and Magic III, ti 1999 gan-an, láti inú sídíì. Géèmù náà kò mọ̀ ju 800×600 lọ, kò sì síbi tí mo lè yí i sí nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣí i báyìí, á kún ojú mọ́nítọ̀ láti etí dé etí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹṣin inú rẹ̀ ti sanra bí ẹṣin tó lóyún. Mo fi rúlà wọn àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà lókè lápá ọ̀tún, èyí tó yẹ kí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9.6, gíga rẹ̀ jẹ́ 7.2.

Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí n jẹ́ kó nà bẹ́ẹ̀, kí n gba ọ̀já dúdú lọ́tùn-ún lósì, tàbí kí n ní kí káàdì gíráfíìkì bá mi tún un ṣe. Èwo ni kí n mú? Mo ti wọ `NVIDIA Control Panel`, mo mú `Aspect ratio`, mo tẹ `Apply`. Pàbó ló já sí. Ẹṣin ṣì sanra.

Kò-Sí-Wàhálà

Bọ̀dá Àkàndé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre. Bó ṣe nà ni mo ṣe ń ta tèmi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ méjì péré, ojú yín á mọ́ ọn. Mi ò lè ra mọ́nítọ̀ ńlá tán kí n wá fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ ní dúdú.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Àkàndé, ọ̀nà mẹ́ta kọ́ o. Ìbéèrè méjì lo dì sínú ẹrù kan. Àkọ́kọ́ ni pé báwo ni o ṣe fẹ́ kí àwòrán náà rí, nínà tàbí ọ̀já dúdú. Èkejì ni pé ta ló máa ṣe é: káàdì, tàbí mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀? Àwọn méjèèjì ló lè nà á, àwọn méjèèjì náà ló lè fi ọ̀já dúdú sí i. Ohun tí o ṣe ni pé o bá káàdì sọ̀rọ̀ nígbà tó jẹ́ pé mọ́nítọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kò lè gbọ́ ọ.

Rúlà tí o fi wọ̀n yẹn dáa gan-an. Kí 600 tó di 1080, ìlọ́po 1.8 ni. Kí 800 tó di 1920, ìlọ́po 2.4 ni. Wàá rí i pé ìbú fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju bó ṣe yẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí 9.6 ṣe fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju 7.2. Kì í ṣe ojú rẹ ló ń tàn ọ́.

Kí o tó yí ohunkóhun mọ́, ṣe nǹkan kan fún mi. Ṣí géèmù náà, jẹ́ kó kún ojú mọ́nítọ̀, kí o wá fi bọ́tìnnì ara mọ́nítọ̀ ṣí mẹ́nù tirẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tó máa ń kọ ohun tó ń wọlé láti ara wáyà, ó sábà máa ń wà ní ojú ìwé tí wọ́n pè ní `Information`. Kí ló kọ síbẹ̀? Bó bá jẹ́ 800×600, mọ́nítọ̀ rẹ ló ń nà á. Bó bá jẹ́ 1920×1080, káàdì ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó fi ránṣẹ́.

Láńre 5:4

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ ti lọ jìnnà jù. Ẹ lọ mú 1280×1024 nínú sẹ́tìn géèmù yín, ìyẹn ni ti mọ́nítọ̀ àtijọ́, ọ̀já dúdú á wá fúnra rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí káàdì máa mú àwòrán gbòòrò fún yín o. Ó máa ń fa máòsì sẹ́yìn. `No scaling` ló dáa jù, gbogbo rẹ̀ á mọ́ kedere.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Láńre, ó ti sọ pé 800×600 nìkan ni géèmù náà mọ̀, ibo ló ti fẹ́ rí 1280×1024? Ìyẹn pàápàá kì í ṣe ẹgbẹ́ 800×600. Máàrún sí mẹ́rin ni 1280×1024, mẹ́rin sí mẹ́ta ni 800×600. Ẹni tó bá na ọ̀kan kún orí èkejì, àwọn èèyàn inú géèmù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la ta géèmù bẹ́ẹ̀ lórí mọ́nítọ̀ ínǹṣì 17 fún ọdún gbọọrọ láìfura.

`No scaling` tí o sọ yẹn, òótọ́ ni pé ó máa mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n 800×600 á dúró sí àárín 1920×1080 bíi káàdì ìkíni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri: ọ̀já dúdú tó jẹ́ píksẹ́lì 560 lọ́tùn-ún, 560 lósì, 240 lókè, 240 nísàlẹ̀. Àwọn létà inú géèmù yẹn kéré tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máòsì wá ńkọ́? Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ mú àwòrán náà gbòòrò. Bí káàdì kò bá ṣe é, mọ́nítọ̀ á ṣe é, iṣẹ́ sì niṣẹ́ ń jẹ́. Èmi kò tíì fi ọwọ́ mi mọ ìyàtọ̀ rí.

Láńre 5:4

Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n. Nínú géèmù ìbọn, mo mọ̀ ọ́n.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tìrẹ, mi ò lè bá ọ jà. Ti Àkàndé yìí, géèmù tí èèyàn ti ń dúró de ẹlòmíì kó ta tirẹ̀ tán ni.

Àkàndé Ẹlẹ́ṣin

Mo ti wò ó. Nígbà tí mo wà nínú géèmù, mọ́nítọ̀ kọ `800x600 60Hz`. Nígbà tí mo jáde, ó kọ `1920x1080 60Hz`. Nítorí náà mọ́nítọ̀ ni ọ̀daràn. Mo wá inú mẹ́nù rẹ̀ bóyá màá rí ibi tí mo ti lè sọ pé kó má nà án. Mo rí ọ̀rọ̀ `Aspect` níbẹ̀, ṣùgbọ́n eérú ló ní lára, kò ṣeé tẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Àwọn mọ́nítọ̀ míì máa ń ti ibẹ̀ pa bí wọ́n bá tan `FreeSync` sílẹ̀, àwọn míì sì máa ń tì í bí ohun tó ń wọlé bá ti bá ojú wọn mu, bí ìgbà tí o wà lórí tábìlì Windows. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní in rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbà á lọ́wọ́ mọ́nítọ̀ kí n gbé e fún káàdì: o lè rí ohun tí káàdì ń ṣe, kò sì ní yí padà bí o bá pààrọ̀ mọ́nítọ̀ lọ́la.

Padà sínú `NVIDIA Control Panel`, lábẹ́ `Display`, kí o ṣí `Adjust desktop size and position`. `Aspect ratio` tí o mú tẹ́lẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kọ `Perform scaling on`. Mo lè búra pé `Display` ló wà níbẹ̀. Yí i sí `GPU`. Lẹ́yìn náà, fi àmì sí `Override the scaling mode set by games and programs`, torí géèmù mìíràn máa ń wá pẹ̀lú àṣẹ tirẹ̀, àṣẹ tirẹ̀ ló sì máa ń ṣẹ bí o kò bá fi àmì yẹn sí i. Tẹ `Apply`, ṣí géèmù, kí o tún mẹ́nù mọ́nítọ̀ wò. Bí ó bá ṣì kọ 800×600, kò tíì ṣẹ.

Ẹni tó ní AMD, `GPU Scaling` ni kó wá nínú `AMD Software`, kó tàn án, kó wá mú `Preserve aspect ratio` níbi `Scaling Mode`. Ohun kan náà ni.

Ìyá Ìbejì

Ẹ káàsán o. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Láàpútọ́ọ̀pù làwọn ọmọ mi fi ń ta géèmù àtijọ́ tí bàbá wọn gbà fún wọn, nínà ló sì ń nà bíi ti Bọ̀dá Àkàndé. Mo tẹ̀ lé gbogbo ohun tí Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ, ṣùgbọ́n nínú `NVIDIA Control Panel` tèmi, kò sí ohun tó ń jẹ́ `Display` rárá. `3D Settings` nìkan ni mo rí. Ṣé káàdì mi ti bàjẹ́ ni? Mẹ́nù mọ́nítọ̀ tí ẹ ń sọ náà, láàpútọ́ọ̀pù kò ní bọ́tìnnì kankan lára ojú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Káàdì yín kò bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù, ara ẹ̀rọ Intel ni wọ́n so ojú rẹ̀ mọ́. NVIDIA á ya àwòrán, á gbé e fún Intel, Intel ló máa gbé e síta. Nítorí náà kò sí ohun tí NVIDIA fẹ́ pàṣẹ lé lórí. Ẹ wá `Intel Graphics Command Center`, ẹ ṣí `Display`, ẹ wá ibi `Scale`.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí ojú láàpútọ́ọ̀pù bá wà ní rẹsolúṣọ̀n tirẹ̀ gan-an, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ mú gbòòrò, wọn kì í sì í fi gbogbo ohun tí ẹ lè yàn hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ tábìlì Windows di 800×600. Gbogbo nǹkan á wú, ẹ má jáyà. Ìgbà yẹn ni `Maintain Aspect Ratio` á jáde. Ẹ mú un, lẹ́yìn náà kí ẹ dá rẹsolúṣọ̀n padà síbi tó wà.

Ìyá Ìbejì

Mo ti ṣe é. `Stretched` àti `Centered` nìkan ló jáde fún mi. Mo mú `Centered`, àwòrán náà wá kéré bí ìwé sítáńbù, àwọn ọmọ ń pariwo. Mo ti dá a padà sí bó ṣe wà ná.

Kò-Sí-Wàhálà

Ẹ ò rí nǹkan. Nínà ló dáa.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe láàpútọ́ọ̀pù yẹn síbí, àti orúkọ géèmù náà. Ó lè jẹ́ pé dráífà rẹ̀ ti pẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa yí nǹkan kiri lórí àbá lásán.

Fèrèsé Ṣíṣí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tèmi, ó lè ran Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. StarCraft ti 1998 ni mo ń ta, 640×480. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi yí sẹ́tìn káàdì, kò mì. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé `ddraw.dll` kan, ti cnc-ddraw, ti wà nínú fódà géèmù náà. Ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí géèmù yí rẹsolúṣọ̀n Windows padà rárá. Ó ń ya géèmù náà sínú fèrèsé tí kò ní etí, ó wá ń fi fèrèsé náà bo gbogbo ojú mọ́nítọ̀. Lójú káàdì, 1920×1080 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ló fẹ́ tún ṣe? Nínú `ddraw.ini` rẹ̀ ni mo ti rí ojútùú, lábẹ́ `[ddraw]`:

```
fullscreen=true
windowed=true
maintas=true
```

Ìlà kẹta yẹn ló ń pa ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. `false` ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

O ṣeun gan-an. Èyí tún iṣẹ́ mi ṣe, torí ìdánwò tí mo fún Àkàndé lókè kò ní mú irú tìẹ. Mọ́nítọ̀ á kọ 1920×1080, èèyàn á rò pé káàdì ló ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé nínú géèmù gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò bá yí nọ́ńbà padà rárá bó ṣe ń wọ géèmù tó sì ń jáde, kó kọ́kọ́ wo fódà géèmù náà bóyá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Àkàndé Ẹlẹ́ṣin

Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣẹ o! `Display` ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo yí i sí `GPU`, mo fi àmì sí èyí tó wà nísàlẹ̀, mọ́nítọ̀ sì kọ 1920×1080 nígbà tí mo wà nínú géèmù. Ọ̀já dúdú tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ààbọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo tún gbé rúlà: 7.2 níbùú, 7.2 lóòró. Ẹṣin ti bí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Létà inú géèmù kò mú bíi ti mọ́nítọ̀ àtijọ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan mí èémí gbígbóná sí ojú gíláàsì. Ṣé káàdì ló fà á? Ṣé kí n dá a padà fún mọ́nítọ̀ ni?

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Kì í ṣe ẹ̀bi káàdì. Ìlọ́po 1.8 yẹn ló fà á. Fojú inú wo píksẹ́lì márùn-ún tó tò tẹ̀ léra wọn nínú géèmù. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po 1.8, píksẹ́lì mẹ́sàn-án ló máa gba ipò wọn lórí mọ́nítọ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ pín mẹ́sàn-án fún márùn-ún? Bí mẹ́rin bá gba méjì méjì, ìkarùn-ún á gba ẹyọ kan. Létà `l` tó bá bọ́ sórí ìkarùn-ún yẹn á tín-ín-rín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sanra. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, káàdì máa ń po àwọ̀ àwọn tó múlé gbe ara wọn pọ̀ létí, èémí gbígbóná tí o rí nìyẹn. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ rẹ náà ní tirẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ojú rẹ ti mọ́ ọn.

Bí o bá dá a padà fún mọ́nítọ̀, ó lè mú díẹ̀ sí i, ó sì lè burú sí i, torí olúkúlùkù mọ́nítọ̀ ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínà kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlọ́po 2.4 níbùú náà kì í ṣe odidi nọ́ńbà.

Láńre 5:4

`Integer scaling` ńkọ́? Ó wà nínú NVIDIA, mo rí i.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ó wà fún káàdì GTX 16 àti RTX 20 lọ sókè, 2019 ni wọ́n gbé e jáde. Odidi nọ́ńbà nìkan ló máa ń lò, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á di mẹ́rin tàbí mẹ́sàn-án láìsí àdàlù. Ìṣòro rẹ̀ fún Àkàndé ni pé ìlọ́po méjì 600 jẹ́ 1200, 1080 kò sì gbà á. Yóò padà sí ẹyọ kan, ìyẹn ni pé káàdì ìkíni ara ògiri ló máa rí.

Lórí mọ́nítọ̀ 2560×1440, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, 800×600 á di 1600×1200, píksẹ́lì 480 á ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 120 lókè, 120 nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ta tèmi nílé, ó mọ́ gaara. StarCraft ti Fèrèsé tilẹ̀ dùn ju ìyẹn lọ lórí irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìlọ́po mẹ́ta 480 jẹ́ 1440 gééré.

Ológbò Dúdú

Ẹ ti gbàgbé àwa tí géèmù wa dàgbà ju tiyín lọ. Géèmù DOS 320×200 ni tèmi. Mo mú `Aspect ratio` bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì kúrú pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Ọ̀já dúdú rẹ̀ tín-ín-rín, kò tó ti Àkàndé.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ológbò, níbẹ̀ ni káàdì ti máa ń ṣìnà, torí nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. 320×200 jẹ́ mẹ́jọ sí márùn-ún, ìyẹn ló ń pa mọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n lórí mọ́nítọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ìgbà yẹn, 320×200 máa ń kún gbogbo ojú tó jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan a sì ga ju ìbú rẹ̀ lọ. Ẹni tó ya ère inú géèmù náà ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Nínú DOSBox ni kí o ti tún un ṣe:

```
[sdl]
fullresolution=desktop
output=opengl
[render]
aspect=true
```

Lórí 1920×1080, ìbú rẹ̀ á ti 1728 padà sí 1440.

Ológbò Dúdú

Ó ti tò. Kẹ̀kẹ́ wo ni ẹ ń sọ, ẹ̀gbọ́n? Mọ́nítọ̀ tó ní ìdí ńlá ni o.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Ọwọ́ mi ló yọ̀, onídìí ńlá ni mo fẹ́ kọ.

Ìyá Ìbejì

Mo ti padà dé. Láàpútọ́ọ̀pù ọdún 2017 ni, StarCraft náà sì ni géèmù ọ̀hún. Ṣé kí n wá `ddraw` tí Fèrèsé Ṣíṣí sọ?

Fèrèsé Ṣíṣí

Ẹ fi í sínú fódà tí `StarCraft.exe` wà gan-an, Mà, kì í ṣe orí tábìlì Windows. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà náà sí ibòmíì ná. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ kò nílò sẹ́tìn Intel mọ́ rárá. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú pátápátá, ẹ kọ ọ́ síbí kí ẹ tó pa á rẹ́.

Àkàndé Ẹlẹ́ṣin

Mo ti pinnu, ọ̀já dúdú ni mo mú, láti ọwọ́ káàdì. Mo gbìyànjú nínà lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ àná nítorí Kò-Sí-Wàhálà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n, mi ò lè wo ẹṣin yẹn mọ́. Ìbéèrè mi tó kù: bí mo bá ṣèèṣì tẹ F4, géèmù náà máa ń bọ́ sínú fèrèsé kékeré. Bí mo bá tún un tẹ̀ kó lè kún ojú mọ́nítọ̀ padà, ó máa ń nà nígbà míì, ó sì máa ń wà pẹ̀lú ọ̀já nígbà míì. Mi ò tíì rí ohun tó ń fà á.

Ẹlẹ́rọ Àgbà

Inú fèrèsé, káàdì kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ, ìyẹn yé mi. Ti pé ó ń nà nígbà tó bá padà ni kò yé mi. Nígbà tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, má jáde o. Mẹ́nù mọ́nítọ̀ ni kí o kọ́kọ́ ṣí, kí o sọ nọ́ńbà tí o rí fún mi.